Ìwé Owó Ilé Dé Ẹnu Géètì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé l'Ékòó ni kì í rántí pé ìjọba ti mọ ilé náà kí àwọn tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ti sanwó tán, wọ́n á ti kun ilé, wọ́n á ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, kó tó di ọjọ́ tí wọ́n á bá ìwé kan lábẹ́ géètì. Orúkọ ẹni tó ta ilé fún wọn ló máa ń wà lára rẹ̀, tàbí kí wọ́n kàn kọ ọ́ sí onílé láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Iye owó wà nísàlẹ̀. Àwọn kan á sáré lọ san án torí pé wọn ò fẹ́ wàhálà ìjọba. Àwọn mìíràn á ká a sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á ní orúkọ àwọn kọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló lè jẹ gbèsè ìwà wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó sáré san án láìkà á ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó máa san ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó yẹ kó san, kó sì máa san án lọ́dọọdún.

Owó ìlò ilẹ̀ ni ìwé yìí ń béèrè, èyí tí àwọn ará Èkó ń pè ní Láńdì Yúùsì Ṣáàjì. Ṣáájú ọdún 2001, ìwé tó ń wọlé fún onílé l'Ékòó ju ẹyọ kan lọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń béèrè owó ilẹ̀ ọdọọdún lọ́wọ́ ẹni tó ní ìwé gómìnà, ìjọba ìbílẹ̀ ń béèrè owó tẹ́nímẹ́ǹtì, owó àtúnṣe àdúgbò sì tún wà lọ́tọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2001, nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà, ló kó wọn pọ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo. Ó yẹ kí onílé mọ èyí dáadáa, nítorí bí ó bá ti san owó ìlò ilẹ̀ ọdún kan, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún gbé ìwé tẹ́nímẹ́ǹtì ọdún kan náà wá bá a. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè, ti ọdún 1999, ló fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti ṣírò owó lórí ilé aládàáni, gẹ́gẹ́ bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe là á kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ fi ń jáde nínú ọ̀rọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpínlẹ̀ ló ń ṣe ìwé, tó sì ń gba owó.

Lọ́dún 2018, wọ́n fi òfin tuntun rọ́pò ti 2001. Owó tó jáde lára ìwé ọdún yẹn ló mú káwọn lọ́yà Ìkẹjà fi ẹsẹ̀ rìn ṣèwọ́de, tí ìjọba Ambọ̀dé fi dín in kù ní kíákíá. Lọ́dún 2020, lábẹ́ Sanwó-Olú, wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n sì dá ìdiwọ̀n owó padà sí bó ṣe rí kí ọdún 2018 tó dé. Ìdiwọ̀n 2020 yẹn ni mo máa lò níbí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò le. Wọ́n á mú ìwọ̀n ilẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ di pípọ̀ pẹ̀lú iye tí wọ́n dá lé sikúwéà mítà kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò náà. Wọ́n á mú ìwọ̀n ilé tó wà lórí rẹ̀, àjà dé àjà, wọ́n á sọ òun náà di pípọ̀ pẹ̀lú iye ilé kíkọ́, wọ́n á sì yọ díẹ̀ kúrò nítorí ogbó. Àpapọ̀ méjèèjì ni iye ilé lójú ìjọba. Wọ́n á wá yọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú rẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń jẹ láìbéèrè. Ohun tó bá kù ni wọ́n máa ń gbé ìdiwọ̀n lé.

Níbi ìdiwọ̀n yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí onílé bá ń gbé inú ilé rẹ̀, tí kò sí ayálégbé kankan níbẹ̀, náírà 394 ni yóò san lórí mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ayálégbé, náírà 1,320 ni. Bí ó bá jẹ́ pé ayálégbé nìkan ló wà níbẹ̀, tí onílé ń gbé ibòmíràn, náírà 3,940 ni, ìyẹn iye kan náà tí wọ́n ń gbà lórí ilé ìtajà àti ọ́fíìsì. Ilé kan náà ni, ilẹ̀ kan náà ni, bíríkì kan náà ni. Ẹni tó ń sùn níbẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ilé kan yẹ̀ wò, àwọn iye tí mo fi ṣírò rẹ̀ jẹ́ ti àpẹẹrẹ. Tọkọtaya kan ra ilé alájà kan ní apá Òjòdù. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 320 sikúwéà mítà, ìyẹn nǹkan bí ìlàjì pulọ́ọ̀tì. Ká ní náírà 50,000 ni wọ́n dá lé sikúwéà mítà ilẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ náà di mílíọ̀nù 16. Ilé tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ 160 sikúwéà mítà lápapọ̀, ká sì ní náírà 100,000 ni ti ilé kíkọ́: mílíọ̀nù 16 nìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ilé náà ti gbó díẹ̀, wọ́n yọ ìdá kan nínú mẹ́rin, ó ku mílíọ̀nù 12. Ilẹ̀ pẹ̀lú ilé di mílíọ̀nù 28. Yọ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ku mílíọ̀nù 16 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800.

Nísinsìnyí, bí wọ́n bá kọ ilé náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tí onílé ń gbé, owó ọdún kan kò ju náírà 6,619 lọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí ti onílé pẹ̀lú ayálégbé, ó di 22,176. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí ti ayálégbé nìkan, 66,192 ni. Tọkọtaya tí mò ń sọ yìí kò ní ayálégbé kankan, ọmọ wọn mẹ́ta ló ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta ilé fún wọn kò gbé inú rẹ̀ rí, ó fi gbogbo rẹ̀ háyà fún ìdílé méjì ni. Ìwé tó wá bá wọn ń pe 66,192.

Kò sí ẹni tó rẹ́ wọn jẹ níbí. Àkọsílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjọba ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ jáde lọ́dọọdún, kò sì sí ohun tó sọ fún ẹ̀rọ náà pé ilé ti yí ọwọ́ padà. Ìwé àdéhùn tí lọ́yà ṣe nígbà tí ẹ ra ilé kì í rìn lọ sí ọ́fíìsì tó ń gba owó ìlò ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iṣẹ́ ìdíwọ̀n ilé nínú ìlú tó tóbi tó Èkó, láti ìta àti láti inú àwòrán tí wọ́n yà láti òkè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tó dúró ní ìta tó rí mítà iná méjì lára ògiri yóò rò pé ayálégbé wà níbẹ̀. Ẹni tó rí ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n yọ síta lára fẹ́ǹsì lè kọ ilé yẹn sí ti ìtajà. Nítorí náà, bí o bá ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ tí o kò lò mọ́, dí i pa, tàbí kó o wó o, kó o tó lọ sọ pé ilé gbígbé lásán ni tìrẹ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ní kí onílé tuntun wò lára ìwé ni irú ilé tí wọ́n pe ilé rẹ̀, kí ó tó wo iye owó rárá. Nọ́ńbà ilé náà, tí wọ́n máa ń kọ sí PID, wà nítòsí rẹ̀. Kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ síbi tí kò ti ní sọnù, nítorí òun ni wọ́n fi mọ ilé rẹ, kì í ṣe orúkọ rẹ. Bí irú ilé bá ṣì wà lórí ti ẹni àtijọ́, ìwọ ni wàá lọ tún un ṣe. Lẹ́tà ni wàá kọ, kì í ṣe ìròyìn ẹnu. Sọ ọjọ́ tí o ra ilé, sọ pé ìwọ àti ìdílé rẹ lẹ ń gbé ibẹ̀ láìsí ayálégbé, kó o sì béèrè pé kí wọ́n yí orúkọ àti irú ilé padà lábẹ́ PID náà. So ẹ̀dà ìwé àdéhùn rírà mọ́ ọn, ẹ̀dà ìwé ìbéèrè owó náà fúnra rẹ̀, ìwé ìdánimọ̀ tó ní àdírẹ́sì ilé yẹn, àti bíìlì iná tó ti wà lórúkọ rẹ. Mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ èyí tí wàá mú padà sílé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rán ènìyàn wá wo ilé. Jẹ́ kó wọlé, kó wo yàrá. Àǹfààní rẹ ni.

Má sì jẹ́ kó pẹ́. Ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé wà lára ìwé, lẹ́tà àtakò tó dé kí ọjọ́ yẹn tó kọjá ló ní ìwúwo. Bí ọ́fíìsì bá kọ̀ láti tún un ṣe, òfin dá ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ kan sílẹ̀ fún ẹjọ́ ìdíyelé ilé, ibẹ̀ ni a ti ń gbé e síwájú sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irú ilé kì í sábà dé ibẹ̀, bí ẹ̀rí bá wà nínú fáìlì. Àríyànjiyàn lórí iye tí wọ́n dá lé sikúwéà mítà ló le jù, nítorí onílé yóò ní láti gba onímọ̀ ìdíyelé ilé tó ní ìwé àṣẹ láti bá a ṣe ìdíyelé tirẹ̀, owó onímọ̀ yìí sì lè ju ohun tí à ń jà lé lórí lọ. Fún ilé bíi ti Òjòdù yẹn, èmi kì bá gbìyànjú rẹ̀.

Ìwọ̀n ni ohun kejì. Ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ wà lára ìwé sọ́fè, ní sikúwéà mítà, o kò nílò láti wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n ilé ni wàá fi téèpù wọ̀n: gígùn ògiri ìta lọ́nà fífẹ̀, wàá sì sọ ọ́ di ìlọ́po iye àjà tó wà níbẹ̀. Bí tìrẹ bá jẹ́ 160 tí ìwé sì ń pe 175, fi í sílẹ̀, ó lè jẹ́ báńkónì ni wọ́n kà mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ń pe 320, wọ́n ti ka ilé rẹ ní alájà kan sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tàbí kí wọ́n ti ka ilé aládùúgbò mọ́ tìrẹ. Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti gé pulọ́ọ̀tì kan sí méjì, tí ìjọba ò sì tíì mọ̀ pé wọ́n gé e. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ilé kan tó ní géètì sí títì méjì lè ní PID méjì, kí ìwé méjì máa wá lọ́dọọdún. Má ṣe ya èyí tó pọ̀ jù dànù. Bí wọn kò bá pa PID kejì rẹ́, gbèsè yóò máa gun orí ara wọn níbẹ̀, ilé rẹ ló sì wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gbèsè yìí ló kàn ẹni tó ká ìwé sínú dúrọ́ọ̀. Ilé ni owó yìí ń tẹ̀lé. Bí ẹni tó ta ilé fún ọ bá ti ń jẹ ìjọba láti ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́rin yẹn bá ilé wá ni. Wàá rí i lára ìwé ní ìlà tirẹ̀, lábẹ́ owó ọdún tí a wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú owó ìtanràn. Ìtanràn yìí ń ga bí ọjọ́ bá ṣe ń lọ: òfin 2020 fi í sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà 20, lẹ́yìn náà 30. Ó ti dẹ̀ ju ti 2018 lọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 25, tó sì dé 100. Níkẹyìn, òfin fún ìjọba láyè láti gbé ọwọ́ lé ilé tí kò san, kí wọ́n máa gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé títí gbèsè yóò fi tán.

Ibi tí gbèsè yìí ti ń fara hàn jù ni ìgbà tí a bá ń wá ìyọ̀ǹda gómìnà lórí ilé tí a rà. Wọ́n á béèrè ìwé ẹ̀rí ìsanwó ìlò ilẹ̀, ẹni tó ra ilé á wá mọ̀ pé òun ló máa san ohun tí òun ò jẹ. Nítorí náà, kí owó rírà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, ní kí ẹni tó ń tà fún ọ ní ìwé ìbéèrè owó tó dé kẹ́yìn àti rìsíìtì rẹ̀. Bí ó bá ní òun ò rí i mọ́, gba PID lọ́wọ́ rẹ̀, kí lọ́yà rẹ fi wádìí. Bí gbèsè bá wà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé kí ẹ tó sanwó. Jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú pé owó ìjọba tó bá wà lórí ilé títí di ọjọ́ títà, ẹni tó tà ló ni ín. Ìlà méjì péré ni, mo sì ti rí àdéhùn olójú-ìwé púpọ̀ tí kò ní in.

Ó wá ku owó ilẹ̀ ọdọọdún. Òfin ìlò ilẹ̀ tí ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣe lọ́dún 1978 ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Sí-ọ́fù-Ó, gbà láti máa san owó kan lọ́dọọdún fún ìlò ilẹ̀ náà. Iye rẹ̀ wà nínú ìwé ẹ̀rí náà fúnra rẹ̀. Òfin kan náà ló fún gómìnà láyè láti gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó bá tẹ àdéhùn inú ìwé náà lójú, àìsan owó ilẹ̀ sì wà lára rẹ̀. L'Ékòó, bí mo ti sọ, owó yìí ti wọ inú owó ìlò ilẹ̀, bí Sí-ọ́fù-Ó rẹ bá jẹ́ ti gómìnà.

Àwọn ilẹ̀ kan wà l'Ékòó tí kì í ṣe ti gómìnà. Fẹ́sítáákì wà lára wọn, àwọn apá kan ní Ìkòyí sì wà lára wọn pẹ̀lú. Ìjọba àpapọ̀ ló ni wọ́n. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ ni kó o wo ẹni tó bu ọwọ́ lu ìwé ẹ̀rí: bí ó bá jẹ́ mínísítà, kì í ṣe gómìnà, ìjọba àpapọ̀ ni wàá máa san owó ilẹ̀ fún, rìsíìtì owó ìlò ilẹ̀ Èkó kò sì lè dí i. Ìwé méjì lè máa wá bá irú onílé bẹ́ẹ̀, kò sì ní jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ayédèrú.

Owó ilẹ̀ yìí máa ń kéré débi tí àwọn ènìyàn fi ń gbàgbé rẹ̀, pàápàá níbi tí ó ti dá dúró. Àbújá ló fi hàn wá ibi tí ìgbàgbé yẹn ń já sí. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìṣàkóso olú-ìlú lábẹ́ Nyesom Wike kéde pé òun ti fagi lé ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ 4,794, ní àwọn àdúgbò bíi Máìtámà, Àsókóró àti Wúsé, nítorí owó ilẹ̀ tí wọn kò san fún ọdún mẹ́wàá sókè. Ilé olówó ńlá wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé pa lóṣù karùn-ún, Ààrẹ ní kí wọ́n fún wọn ní ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí wọ́n fi san gbèsè pẹ̀lú ìtanràn. Bí o bá ra irú ilé bẹ́ẹ̀, ní Àbújá tàbí ní Fẹ́sítáákì, rìsíìtì owó ilẹ̀ tó kẹ́yìn ni kó o béèrè mọ́ ìwé ẹ̀rí, àti kí o lọ sí ilé-iṣẹ́ tó fún wọn ní ìwé náà láti mọ̀ bóyá ó ṣì dúró.

Àwọn tó ra ilé sí Mowé àti Ìbàfò náà ní tiwọn. Nítorí pé Èkó ni wọ́n ti ń jáde lọ síbi iṣẹ́, wọ́n máa ń rò pé òfin Èkó ló kan ilé wọn. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ni ìlú méjèèjì wà, ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìdiwọ̀n tí mo kà sókè yìí kò kàn wọ́n rárá, Abẹ́òkúta ni ìwé tiwọn ti ń wá. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé owó ìlò ilẹ̀ Èkó wá sí Mowé, kí wọ́n má dá a lóhùn.

Ní ti sísan, báńkì tàbí orí ẹ̀rọ ayélujára ìjọba ni owó ń gbà, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára ìwé. Ẹni tó pín ìwé kiri kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wò ó bóyá ìwé rẹ fúnni ní ẹ̀dínwó fún sísan kíá, torí ọjọ́ tí ẹ̀dínwó náà ń parí máa ń ṣáájú ọjọ́ ìsanwó fúnra rẹ̀. Bí o bá sì ti kọ lẹ́tà àtakò lórí irú ilé, tí ọjọ́ ń lọ, àbá tèmi ni pé kó o san iye tó o gbà pé o jẹ, kó o kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ohun tó o san nìyẹn àti ìdí rẹ̀, kí ìtanràn má bàa gun gbogbo rẹ̀.

Àwọn àánú mìíràn wà nínú òfin tí kì í wá fúnra rẹ̀ bíi ti ìdá 40 yẹn. Onílé tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún ní ìyọkúrò tirẹ̀, ẹni tó ní àléébù ara náà ní tirẹ̀, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tó sì ń gbé ilé ara rẹ̀ kò yẹ kó san rárá lórí ilé yẹn. Ààfin ọba àti ibi ìjọsìn wà lára ohun tí wọn kò gba owó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé kò mọ ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni. Bí ìyá rẹ tó ti fẹ̀yìn tì níṣẹ́ olùkọ́ bá ń gbé ilé tó kọ́, tí ìwé sì ń wá lọ́dọọdún, ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ àti PID ilé ni kó o mú dání lọ sí ọ́fíìsì náà.